Ètò Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Mi, 2026 sí 2028

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń kọ́ Ìṣirò ní Ìbàdàn. Ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni mò ń wá.

Ibi tí mo kù sí ni ọ̀rọ̀ owó. Mo lè to taìmù-tébù kíláàsì 18 láìjẹ́ kí olùkọ́ kan bọ́ sí ibi méjì, àmọ́ n kò fọwọ́ kan ìwé ìnáwó rí. Láti táàmù yìí, èmi àti akápò la ó jọ máa kọ ọ́ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀.

Táàmù kejì: n óò máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́ mẹ́ta, n óò sì máa sọ ohun tí mo bá rí fún wọn. Sísọ fún àgbà pé ohun tó kọ sójú bọ́ọ̀dù kò hàn, iṣẹ́ ni!

2027: ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ní NIEPA, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò àti ìṣàkóso ẹ̀kọ́ ní Oǹdó.

Ọ̀gá wa yóò yẹ ètò yìí wò lóṣù Keje.