Ìwé Bascom Lórí Ifá: Àtúnyẹ̀wò fún Kíláàsì Àṣekágbá

Ẹni tí ó wá dífá mú owó, ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sọ ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀. Babaláwo tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tí ó dàgbà ní agboolé tí wọ́n ti ń bọ Ifá ló mọ ìṣe yìí, a kì í tilẹ̀ kà á sí nǹkan kan mọ́. William Bascom kà á sí. Orí ìṣe yìí ni ó kọ́ ìwé rẹ̀ lórí Ifá dídá, Ifa Divination: Communication Between Gods and Men in West Africa, lé, èrò mi sì ni pé ìwé náà lágbára níbikíbi tí ó bá ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pé ó sì ń rẹ̀ níbi tí ó ti yẹ kí a gbọ́ ohùn àwọn tí ń ṣe é. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ. Mo gbé ìdájọ́ mi sí iwájú nítorí pé òǹkàwé àtúnyẹ̀wò fẹ́ mọ ibi tí a dúró kí ó tó bá wa rìn.

Ará Amẹ́ríkà ni Bascom. Melville Herskovits ní Yunifásítì Northwestern ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìwádìí àṣà. Ó ṣe iṣẹ́ pápá rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ó padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1950 sí 1951, ìwé náà sì jáde ní 1969 láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Indiana. Ẹ fi ọkàn sí àwọn ọdún yìí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún láàárín ìgbà tí ó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn babaláwo Ifẹ̀ àti ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ òǹkàwé, àlàfo yìí yóò sì tún padà bá wa nísàlẹ̀.

Apá méjì ni ìwé náà. Apá kìíní ń ṣàlàyé iṣẹ́ Ifá: ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọpọ́n, ìrọ́kẹ́, ìbò, ẹbọ, bí wọ́n ṣe ń kọ́ Ifá, àti bí Ifá ṣe tàn dé Dahomey, Kúbà àti Bràsíìlì. Apá kejì jẹ́ ẹsẹ Ifá rẹpẹtẹ, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀. N kò ní sọ ohun tí ó wà nínú orí kọ̀ọ̀kan. Àtúnyẹ̀wò tí ó bá ń tò orí ìwé tẹ̀ léra bí ẹni tí ń ka ẹrù lọ́jà Kútọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọwọ́ Bascom mọ́. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ babaláwo. Ó gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ó tẹ ilà méjì sórí ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ilà kan ni. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di àmì mẹ́jọ, odù kan ti yọ nìyẹn nínú 256. Bascom tilẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá odù kan ń yọ ju òmíràn lọ. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé ètò wà nínú Ifá, pé a lè tọ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé a fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́tàn. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó ṣì ń pe ẹ̀sìn àbáláyé wa ní ìbọ̀rìṣà tí kò ní orí kò ní ìdí, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Mo dúpẹ́ fún un.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn rẹ̀ tí ó níye lórí jù lọ ti wá. Ó ní babaláwo kò nílò láti mọ ẹ̀dùn ọkàn ẹni tí ó wá. Ó máa ń ka ẹsẹ tí ó mọ̀ lábẹ́ odù tí ó yọ, ẹni tí ó ń gbọ́ ni yóò sì dá èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ̀. Ọgbọ́n ẹni tí ó wá dífá wà nínú iṣẹ́ náà bí ti babaláwo. Àwọn tí ń sọ pé babaláwo máa ń ṣe òfófó kí ó tó dífá kò tíì dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bí ẹni tí ó wá bá ni ó ń yan ẹsẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó jinlẹ̀ jù yẹ kí ó ti wá. Kí ni ó gbọ́ nínú ẹsẹ náà tí ó fi mọ̀ pé tòun ni? Nígbà tí ó délé, ṣé ó rú ẹbọ náà, tàbí ó lọ bá babaláwo mìíràn? Ohun tí Bascom fún wa lórí èyí kéré sí ohun tí àríyànjiyàn rẹ̀ ń bèèrè. Ó tẹ̀ lé ikin dé ìparí, kò tẹ̀ lé ènìyàn délé. Àlébù tí mo kà sí èyí tí ó tóbi jù nínú ìwé náà nìyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi dúró lórí rẹ̀ pẹ́ ju àwọn tí ó kù lọ.

Mo fẹ́ dán ìwé náà wò fúnra mi, nítorí pé a kò lè fi ìwé nìkan yẹ ìwé wò nígbà tí àwọn oníṣẹ́ náà ṣì wà láàárín wa. Mo gbé ojú ìwé tí ètò odù wà lọ bá baba kan ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, babaláwo tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n jókòó sórí ẹní, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, Ọ̀bàrà.

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Dúró ná. Ìrosùn dà?"

Mo ní, "Bàbá, ó ń bọ̀ lẹ́yìn Ọ̀kànràn níbí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fi ìka gbá ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bí wọ́n ṣe ń kà á nífẹ̀ẹ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tèmi, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, kí Ọ̀bàrà tó dé. Tí o bá fi tiwọn dìbò fún mi, ọwọ́ tí kò yẹ lo máa bi mí."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni baba sọ yẹn. Bí wọ́n bá fi ìbò, ohun kékeré méjì tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, sí ọwọ́ méjèèjì ẹni tí ó wá dífá, odù tí ó jẹ́ àgbà ni ó ń pinnu ọwọ́ tí Ifá yàn. Ipò àgbà odù wá jẹ́ ohun tí ìdáhùn Ifá gùn lé, nítorí náà ibi tí a ti kọ ètò kan sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Bascom mọ̀ pé ètò náà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé oríyìn fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọlé ìwé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, nígbà tí Ifẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ ohun tí ó rí. Ẹ máa fi àkọlé ìwé wé ibi tí òǹkọ̀wé dé gan-an. Àárín méjèèjì ni àbùmọ́ máa ń fara pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà mo ka ẹsẹ kan láti apá kejì fún baba. Mo kà á bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n parí. Ó gbà á lẹ́nu mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún níyẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn ilé dá a lóhùn, "Hiin!", ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo kà bí ìtàn gbígbẹ di ohun tí ara mi ń dáhùn sí. Bascom ka ẹsẹ Ifá sí ìtàn àti ìmọ̀ tí a fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, ó sì bójú tó ìtàn náà dáadáa. Ewì tí ó jẹ́ ni kò rí tó. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó gbọ́ Ifá láti kékeré, ni ó wá fi hàn lẹ́yìn náà pé ẹsẹ Ifá ní ìhun tirẹ̀ tí a lè pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, láti orúkọ awo tí ó dífá títí dé orin tí ó kẹ́yìn. Kò yẹ kí a fi èyí dá Bascom lẹ́bi bí ẹni pé ó yẹ kí ó ti ka ohun tí a kò tíì kọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí a sọ pé etí rẹ̀ kì í ṣe etí ọmọ onílé.

Ìtumọ̀ rẹ̀ náà ń kó mi lọ́kàn sókè níbì kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi tú ẹbọ, sacrifice, máa ń mú kí òǹkàwé òkèèrè rí ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹsẹ tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀, aṣọ, owó àti epo wà nínú ẹbọ. Ó dára pé ó fi Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó mú ìwé yìí ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn: ó fún wa ní ohun tí a lè fi bá a wí.

Ọ̀rọ̀ àkókò tí mo sọ pé yóò padà bá wa nìyí. Ní 1937, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lórí ilẹ̀ wa, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì ti gbilẹ̀. Àwọn babaláwo tí ó bá Bascom sọ̀rọ̀ ń ṣe iṣẹ́ wọn láàárín ọmọ tí ó ti lọ iléèwé míṣọ́ọ̀nù àti aládùúgbò tí ó ti di àlùfáà. Ìwé náà mẹ́nu ba ẹ̀sìn tuntun, ṣùgbọ́n Ifá inú rẹ̀ sábà máa ń dúró sójú kan bí àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa ara Abẹ́òkúta kò lè gbàgbé pé ọmọ Yorùbá ti ń kọ Ifá sílẹ̀ kí òyìnbó yìí tó dé. E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ọmọ Ẹ̀gbá, ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ọ̀rúnmìlà jáde ní 1908, ní èdè Yorùbá. Ìwé ìyìn rere ni ó fi ṣe, ó sì ń bá Ifá jà bí ó ṣe ń kọ ọ́. Ìjà yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí a rí babaláwo tí ń fèsì. Bí ẹ bá fi Líjàdù sí ẹ̀gbẹ́ Bascom, ẹ ó rí i pé Bascom ní ìtọ́jú púpọ̀ jù, Líjàdù sì ní ariwo àwọn ènìyàn jù.

Mo fọwọ́ sí i kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn àbáláyé ka apá kìíní Bascom kí ó tó lọ bá babaláwo kankan, nítorí pé yóò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Apá kejì ni kí ó gbé dání lọ, kí ó má sì kà á fúnra rẹ̀. Kí ó bẹ àgbà kan kí ó sun ún fún un. Ẹsẹ tí baba Ìtòkò gbà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo padà délé tí mo fi ohun tí mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù wé ojú ìwé, orin ìparí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.