Sí-ọ́fù-Ó tó ti fi ọdún kan kọjá gbèdéke: Fáìlì OG/1187/2024

Ọ̀nà Ìlọrin,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, 2026.

Sí Ọ̀gá Àgbà tó ń bójú tó ìwé ilẹ̀,
nípasẹ̀ ẹ̀ka ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2024 la fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín fún Sí-ọ́fù-Ó ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ọjọ́ 90 ni ẹ kọ sórí rìsíìtì wa. Ó ti pé láti ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, 2025. Òní gan-an ló di ọdún kan géérégé tó ti kọjá.

Kò sí nǹkan kan tó kù lọ́wọ́ wa. Ìwé àdéhùn ilẹ̀, sọ́fè, fọ́tò, ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún 2021, 2022 àti 2023, gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì. Ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, 2024 ni òṣìṣẹ́ yín wá yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì bá bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí sọ́fè ní kí wọ́n wà.

Ìgbà tó kan fífi sọ́fè wé máàpù ìjọba, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, ni ọ̀rọ̀ dúró. Wọ́n ní àwọn ń retí ẹ̀dà sọ́fè láti ọ̀dọ̀ Awọnlẹ̀ Àgbà. Awọnlẹ̀ wa ti fi ẹ̀dà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, 2024, kí a tó gba fọ́ọ̀mù rárá. Ìwé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ìgbà mẹ́fà la ti wá, "ẹ padà wá" là ń gbọ́. Lóṣù Kẹjọ tó kọjá, òṣìṣẹ́ kan ní ká tún san owó àyẹ̀wò ilẹ̀, láìsí ìwé ìbéèrè owó kankan. A ò san án, a ò sì ní san án.

Ìwé owó orí wa ti gbó sínú fáìlì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ká lọ gba tuntun: ẹ̀bi ìdádúró náà kì í ṣe tiwa. Báńkì ò sì lè yá wa lówó ìkọ́lé láìrí Sí-ọ́fù-Ó.

Láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí, ẹ kọ̀wé sí wa pé: ọwọ́ ta ni fáìlì náà wà, iṣẹ́ wo ló kù, ọjọ́ wo ni ìwé yóò jáde. Tí ẹ bá fẹ́ dá wa lóhùn pé rárá, ẹ kọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ 7 yìí kì í ṣe àṣẹ tiwa. Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìròyìn ti 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ lóṣù Kẹrin, 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà.

Tí ọjọ́ bá pé tí a ò gbọ́ nǹkan kan, a ó gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ Àjọ tó ń gbọ́ Ẹ̀dùn Ará Ìlú, agbẹjọ́rò wa yóò sì bẹ Ilé-ẹjọ́ Gíga kí ó pàṣẹ fún ọ́fíìsì yín láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀dà rìsíìtì, sọ́fè àti ìwé Awọnlẹ̀ Àgbà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì kí ẹ dá a padà fún ẹni tó mú un wá.

Àwa ni tiyín,
àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí orúkọ wa wà lórí fọ́ọ̀mù OG/1187/2024.