Òpó Ògògà

*Ewì lórí òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ọ̀dọ̀ ọba ni ojú gbogbo ẹni tó bá rí òpó yìí kọ́kọ́ ń lọ,
nítorí pé ọba ló jókòó sí àárín, tó kọjú sí wa,
adé ṣóńṣó lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀,
tí ó wà wọ̀ọ̀ bí ẹni tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún.
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ọlọ́wẹ̀ fẹ́ kó rí:
kí a kọ́kọ́ kí Kábíyèsí bó ti tọ́ àti bó ti yẹ,
kí a tó gbé ojú sókè díẹ̀,
kí a tó wá rí i pé ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tó ga jù ú lọ.

Olorì àgbà ni.
Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó gbé wọn lé ìtẹ́ tí ọkọ rẹ̀ jókòó lé,
ọrùn rẹ̀ gùn, ó nàró ṣánṣán,
irun orí rẹ̀ ni a sì dì ga sókè, tí òpó fi ti orí rẹ̀ lọ bá àjà.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa:
ẹrù òrùlé kò kan ọba rárá.
Igi àjà, koríko tàbí páànù, òjò ọdún kan àti òjò ọdún kejì,
orí obìnrin yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọba kò tilẹ̀ kanlẹ̀.
Ọlọ́wẹ̀ jẹ́ kí ó rọ̀ dirodiro níwájú ìtẹ́,
bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń fi ọba ṣẹlẹ́yà,
torí ta ni yóò gbẹ́ ẹ̀gàn sínú àgbàlá Ògògà, kí ó sì gba owó iṣẹ́?
Òtítọ́ ni ó gbẹ́, tí gbogbo ará ààfin mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í kéde:
pé a gbé ọba dání ni, àti pé ọwọ́ tó gbé e dání wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ààfin, ìyá yìí ni ó ń gbé adé lé ọba lórí.
Ẹ̀yìn ni ó sì ti ń gbé e lé e,
nítorí èèwọ̀ ni fún ọba láti bojú wo inú adé ara rẹ̀.
Bí mo bá ti rántí èyí, ojú tí mo fi ń wo òpó náà yóò yí padà,
nítorí ibi tí ọba kò gbọdọ̀ wò láéláé,
abẹ́ ojú olorì ni ó wà.
Ẹyẹ sì bà sórí ṣóńṣó adé,
ẹyẹ àwọn ìyá wa, tí ọba kankan kò lè ṣàṣeyọrí láìsí àṣẹ wọn.
Yèyé lórí adé, Yèyé lẹ́yìn ìtẹ́:
àárín agbára obìnrin ni ọkùnrin yìí ti ń jọba.

Àwọn kéékèèké wà nísàlẹ̀.
Ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, Èṣù ń fọn fèrè;
alábẹ̀bẹ̀ tó yẹ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọba ti sọnù pátápátá.

Ọlọ́wẹ̀, ọmọ tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n, tí Ìsẹ̀ fi ṣe tirẹ̀,
ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ ni ó ń kì ọ́ pé o ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni gbẹ́ igbá,
mo sì gbà á gbọ́, nígbà tí mo rí àlàfo tí o fi sílẹ̀
láàárín igbá àyà olorì àti ẹ̀yìn ọba,
ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá láàárín igi kan ṣoṣo tí a kò so mọ́ igi mìíràn.
Ẹlòmíràn ìbá fi igi dí i kí ó má baà fọ́.
Ìwọ dá a lu, o fi ọkọ àti aya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀,
síbẹ̀ apá obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n pínyà.

Láàárín 1910 sí 1914 ni o gbẹ́ ẹ,
tí àpáta Olósùnta ń wo ààfin láti òkè.
Láti 1984 ni ó ti wà ní ilé iṣẹ́ ọnà ìlú Ṣikágò,
níbi tí kò ti sí òrùlé kankan lórí rẹ̀ mọ́,
tí ẹni tí kò mọ ìdí tí orí olorì fi ga tó bẹ́ẹ̀
lè rò pé torí ẹwà lásán ni a ṣe gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.
Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọba lórí ìtẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ àgbà.
Èmi ọmọ Èkìtì kò bá wọn jiyàn pé ọba ni ọba,
ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí abẹ́ òpó yìí,
olorì ni ǹ bá kọ́kọ́ dárúkọ,
kí n tó wá fi ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.