Ìpè sí Ìpàdé Gbogboogbò Ọdọọdún Àwọn Onípìn-ín

Kétu, Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025

Ẹ̀yin onípìn-ín ilé-iṣẹ́ epo pupa wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìgbìmọ̀ Olùdarí ń pè yín sí ìpàdé lórí ìṣirò ọdún 2024, ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà 2025, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń wọn ẹyìn. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni a ó ti máa kọ orúkọ. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè gbéra.

Ohun tí a ó jíròrò:
1. Ìròyìn Ìgbìmọ̀ Olùdarí àti ti olùyẹ̀wò ìwé owó.
2. Fífọwọ́ sí ìṣirò 2024.
3. Àdéhùn tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ àti àwọn olùdarí rẹ̀.
4. Bí a ó ṣe pín èrè.
5. Yíyan olùdarí kan, nítorí sáà ẹnì kan ti parí.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìkẹrin. Èrè wa jẹ́ 18,400,000 sẹ́fà. Òfin OHADA ní kí a kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́, ìyẹn 1,840,000. Àbá wa ni pé kí ìpín kọ̀ọ̀kan gba 500 sẹ́fà. Ìpín wa jẹ́ 12,000, ìyẹn 6,000,000. Ìyókù, 10,560,000, la fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìfúnpo tuntun. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí owó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lójú wa, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kò lè gbé ẹyìn ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó pinnu. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, a ó san owó yín kó tó di 30 Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹni tí kò bá lè wá lè yan aṣojú tó bá wù ú. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye ìpín yín àti ọjọ́ ìpàdé sínú ìwé ìṣojú, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Kí ó dé ọ́fíìsì wa ní Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe fi àyè orúkọ aṣojú sílẹ̀ lófìfo: bí ó bá ṣófo, alága ìpàdé ni yóò dìbò nípò yín, àbá Ìgbìmọ̀ ni yóò sì tì lẹ́yìn.

Ìwé ìṣirò àti àwọn ìròyìn ti wà ní ọ́fíìsì láti òní. Ẹ wá kà wọ́n. Ẹni tó ní ìpín 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi àbá tirẹ̀ kún ohun tí a ó jíròrò, kó ti dé ọwọ́ wa títí 17 Oṣù Kẹfà.

Àfi kí àwọn tó wá àti àwọn tó rán aṣojú ní ìpín 3,000 láàárín ara wọn ni ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu. Bí kò bá pé, a ó tún fi ìpè mìíràn ránṣẹ́ fún 12 Oṣù Keje, iye ìpín yòówù kó wà níjókòó.

Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí