Lẹ́tà sí Àwọn Òbí Lórí Èròjà Amúaradàgbà Inú Oúnjẹ Ọ̀sán

Ilé Ìdáná Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, àwọn kan nínú yín bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ fi ń sọ nílé pé kì í sí ẹran nínú oúnjẹ ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òótọ́ ni àwọn ọmọ sọ. Ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà, tí a tún ń pè ní púrótéènì, kò ṣaláì sí nínú oúnjẹ ọjọ́ méjèèjì náà, ìdí sì nìyí tí mo fi rí i pé ó yẹ kí n ṣàlàyé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún yín ní kíkún.

Ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò nǹkan bíi gíráàmù 19 èròjà yìí lójúmọ́, nígbà tí ọmọ ọdún 9 sí 13 nílò nǹkan bíi gíráàmù 34. Èmi fẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán nìkan pèsè ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí ti àárọ̀ àti ti alẹ́ lè parí ìyókù. Ìwọ̀n oúnjẹ àwọn ọmọ ńlá ni mo fi ṣe ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn kékeré ń gbà tó ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Ìṣirò náà kò lè pé pérépéré, nítorí pé ìkòkò kan kì í rí bí èkejì, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ òótọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ìrẹsì àti ẹ̀wà olóyin ni a ń sè pọ̀, a sì ń bu ọbẹ̀ ata lé e. Ẹ̀wà inú abọ́ kan ń mú nǹkan bíi gíráàmù 9 wá, ìrẹsì sì ń fi 3 kún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé ẹran tó tó páálí ìṣáná, tí kò ju gíráàmù 8 lọ. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú jíjẹ àwọn méjèèjì pọ̀: ìrẹsì kò ní láísììnì tó, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ègé tó para pọ̀ di púrótéènì, ẹ̀wà sì ní in dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́tíónìnì, ègé mìíràn tí ẹ̀wà kò ní tó, wà nínú ìrẹsì. Ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, nítorí àgbàdo bá ìrẹsì mu nínú ọ̀ràn yìí. Ọ̀lẹ̀ kan, tí a fi ìlàjì ẹyin sí, ń tó gíráàmù 15.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ iyán, àwọn ọmọ wa kì í sì í fi ṣeré. Iyán fúnra rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Ẹ̀gúsí àti ẹja títúsì inú ọbẹ̀ ló ń gbé e dé 16. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń tọ́ ọbẹ̀ lá lásán tó sì ń fi ẹja sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran, gíráàmù 13.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń rò jù lọ. Àsáró iṣu ni a ń sè, bí a tilẹ̀ fi edé sí i, kò lè ju gíráàmù 5 lọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ńlá àti kékeré, ní odidi ẹyin sísè kan pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí yóò fi gíráàmù 6 kún un. Síbẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà ṣì ni yóò kéré jù, nítorí náà mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fún wọn ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ lásán ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí èròjà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú gàrí. Ẹja díẹ̀, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tó ẹ̀kúnwọ́ kan yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.

Bí ara ọmọ yín kò bá gba ẹyin, ẹja, edé tàbí ẹ̀wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ àti oúnjẹ náà sínú ìwé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kí ọjọ́ Ẹtì yìí tó parí. A ó máa se tirẹ̀ lọ́tọ̀, nínú ìkòkò tirẹ̀. Ilé ìdáná wa sì ṣí sílẹ̀ fún òbí tó bá fẹ́ wá wo bí a ṣe ń wọn oúnjẹ, ní agogo 11 òwúrọ̀ ọjọ́ yòówù tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alásè Ilé-ẹ̀kọ́.