Àkọsílẹ̀ ìrònú lẹ́yìn àbẹ̀wò wa sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní ọgbà àtúnṣe báyìí, Abẹ́òkúta

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́

Nínú bọ́ọ̀sì ni lẹ́kíṣọ̀ wa ti kìlọ̀ fún wa: ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹ̀. "Bó bá wù ú, á sọ fún yín fúnra rẹ̀." Ìkìlọ̀ yẹn le, torí ohun tí gbogbo wa fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Lẹ́nu géètì wọ́n gba fóònù wa, wọ́n tú báàgì wa wò, wọ́dà obìnrin kan sì yẹ àwa obìnrin lára wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yá, a wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kó tó lọ lọ́kàn mi ni bí ọgbà náà ṣe pín sí méjì. Àwọn tí kóòtù ti dájọ́ fún wà níhà kan. Àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ wà níhà kejì, àwọn ló sì pọ̀ jù, bó ṣe rí káàkiri Nàìjíríà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ ní abala 36 pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí dìgbà tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó bá ka èyí á retí pé aláìṣẹ̀ yẹn ni ara á tù díẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Rárá o. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ló níṣẹ́ lọ́wọ́, òun ló ní olùkọ́, òun ló sì mọ ọjọ́ tó ń lọ sílé.

Ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́, bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń di adìrẹ oníko. Á ṣa aṣọ funfun náà jọ ṣónṣó lórí àtàǹpàkò, á fi ìko wé e, á fà á le títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ á fi yọ, lẹ́yìn náà á fi eyín já ìko, torí wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ káàkiri níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é ló ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sì wo aṣọ náà rárá. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi, ọmọ ibo ni ẹ́?"

Mo ní Ìjẹmọ̀ ni ilé bàbá mi wà.

"Ìjẹmọ̀! O mọ ọjà adìrẹ Ìtòkú dáadáa nìyẹn. Èló ni wọ́n ń ta yáàdì márùn-ún báyìí?"

Mo sọ fún un. Ó dáwọ́ dúró, ó ní òun á tún ìṣirò òun ṣe nìyẹn. Ó ti ń ro iye tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò tó bá jáde, ó sì mọ oṣù tó ń jáde. (Iṣẹ́ obìnrin ni wọ́n ń pe adìrẹ nílé wa. Bàbá mi àgbà ì bá rí i, ẹnu ì bá yà á.) Wọ́dà tó dúró tì wá dá sí i pé kò sí ohun tí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé kò lè dà, ṣebí Ọbásanjọ́ ọmọ ìlú yìí náà jáde lẹ́wọ̀n ní 1998, nígbà tó fi máa di 1999 ó ti di ààrẹ. Bàbá náà ní, "Èmi ò wá ipò ààrẹ, ọ̀gá. Ìsọ̀ ni mò ń wá."

Wọn ò jẹ́ ká wọ sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń dúró de ìdájọ́. Wọ́n mú díẹ̀ nínú wọn wá bá wa nínú gbọ̀ngàn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni, "Ṣé lọ́yà ni yín?" Bí a ṣe ní akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, àwọn kan yí padà lọ jókòó. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ dúró tì wá. Ó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà kí wọ́n tó kó òun àti àwọn mìíràn lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀sùn olè jíjà pẹ̀lú ohun ìjà ni wọ́n sì fi kàn wọ́n. Kóòtù májísíréètì tí wọ́n gbé wọn lọ kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá wọn dúró sọ́gbà, kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ fún ìmọ̀ràn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Ìmọ̀ràn ò tíì dé. Wọ́n sì ti gbé ọlọ́pàá tó ṣèwádìí lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá kó wọn lọ sí kóòtù, wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn, wọ́n á dá wọn padà.

Mo bi wọ́dà pé kí ló dé tí ọmọ yìí kò lè máa kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn tó ti gba ìdájọ́ ni ètò náà wà fún: "Ẹni tí wọ́n lè dá sílẹ̀ lọ́la, báwo la ṣe máa kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọdún méjì?"

Ọmọ náà dáhùn pé, "Ọ̀la yẹn mà ti pẹ́ o, ọ̀gá."

Wọ́dà alára rẹ́rìn-ín. Èmi ò rò pé èèyàn burúkú ni. Bí òfin bá dúró lórí ohun tó sọ, àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní ìdánidúró àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Ìgbé ayé ọgbà ni kò bá àlàyé yẹn mu.

Mo ròyìn fún màmá mi lórí fóònù. Kùtọ̀ ló ń tajà sí, wọ́n sì ti jà á lólè rí, nítorí náà kò káàánú ẹnikẹ́ni. "Àwọn tó jà mí lólè ńkọ́? Ta ló káàánú mi?" Mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ mo sọ fún un pé ẹni tí wọ́n jà lólè nínú ẹjọ́ ọmọkùnrin yìí náà ṣì wà níbìkan tí kò mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe òun ni wọ́n mú. Bí ọmọ náà bá jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún olóhun. Bí kò bá jẹ̀bi, olè wà níta. Màmá mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ bá kíláàsì jíròrò ni òfin 2019 tó sọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n di ilé iṣẹ́ àtúnṣe. Ó fún àwọn ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà bá ti kún. Àṣẹ dáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá wo ló máa dá ọkọ̀ kóòtù padà lẹ́nu géètì? Níbo ni ọkọ̀ ọ̀hún á kó wọn lọ? Àtúnṣe ìwé òfin ní 2023 wá jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ náà lè ní ọgbà tiwọn. Ibẹ̀ ló kan Ògùn, torí òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi gbé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níhà kejì yẹn lọ sí kóòtù, owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì fi ń bọ́ wọn. Ẹni tí kì í sanwó oúnjẹ kì í yára pe ẹjọ́.

Ní tèmi, mi ò dúró de ìpínlẹ̀. Dídi adìrẹ oníko kì í ṣe iṣẹ́ ọdún méjì. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ máa di aṣọ. Tí kóòtù bá pe ọmọ náà lọ́la, ẹlòmíràn á bá a parí èyí tó kù. Màá kọ ọ́ bíi lẹ́tà sí ọ̀gá ọgbà náà kí a tó pàdé ní kíláàsì, màá sì bẹ lẹ́kíṣọ̀ wa kó fọwọ́ sí i, torí lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ sọnù.