Rífọ́ǹdì owó tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, bùkín K7QWTZ

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ kú ọdún tuntun o.

Èmi Fúnmi, Ìyá Ìbejì, ni mò ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tèmi àti ti ọkọ mi ni o, Hítíróò sí Èkó, lílọ àti bíbọ̀, èyí tó yẹ ká fi lọ ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Disẹ́ńbà 2025. Ilé iṣẹ́ bàálù náà fúnra wọn ló kánsù ẹ̀, íméèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ 9 ni mo so mọ́ eléyìí. Wọ́n ní ká wọ ti Sọ́ńdè ọjọ́ 14, mo ní rárá, torí Sátidé ọjọ́ 13 ni àádọ́rin ọdún màámi l'Abẹ́òkúta, ká wá débẹ̀ lọ́jọ́ kejì ká bá wọn fọ ìkòkò àbí kí ni? La bá sáré ra òmíì níbòmíì, ó sì wọ́n gan-an, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo ń bi yín. Owó èyí tá ò lò ni mo fẹ́ gbà, pọ́n-ùn 742 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ pọ́n-ùn 1,484. Pọ́n-ùn 30 tẹ́ ẹ gbà fún bùkín, tẹ́ ẹ kọ sọ́tọ̀ lórí risíìtì, mi ò bá yín dù ú, ẹ ti ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Èsì tẹ́ ẹ fún mi lórí Wọ́ọ̀tsáàpù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni, kì í ní rífọ́ǹdì, pé fáọ́ṣà lẹ lè fún wa, ẹ sì máa yọ pọ́n-ùn 150 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ka òfin tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀yin náà lẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí mo sanwó. Ojú ewé kẹta ni, lábẹ́ PENALTIES, ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

```
TICKET IS NON-REFUNDABLE IN CASE OF CANCEL/NO-SHOW
```

Èrò tó bá ní òun ò lọ mọ́, tàbí èrò tó jókòó sílé tí bàálù fi gbéra, nìyẹn ń bá wí. Àwa ò sí nínú méjèèjì. Bàálù tí ò gbéra rárá, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pẹ́ dé ìdí ẹ̀? Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n kọ INVOLUNTARY REFUND, wọ́n ní tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù ló kánsù, gbogbo ìyọkúrò yẹn ò kan èrò, gbogbo owó ibi tí wọn ò lò ni wọ́n máa dá padà. Mo ti fi bírò yẹ́lò kùn ún, fọ́tò ẹ̀ wà níbí.

Mo sì pe ilé iṣẹ́ bàálù náà torí ẹ sọ pé a ò yọjú. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù wò ó lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní OPEN ló wà lójú kúpọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lílọ àti bíbọ̀ àwa méjèèjì, kò sí NO-SHOW kankan ńbẹ̀. Ó ní àwọn ti fọwọ́ sí rífọ́ǹdì náà, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ já tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ yín ló gbọ́dọ̀ ti jáde.

Òfin UK261 náà wà ńlẹ̀ tó mú gbogbo bàálù tó bá ń gbéra láti UK. Wọ́n bá kánsù, èrò ló máa yàn bóyá owó lòun fẹ́ àbí bàálù míì, kì í ṣe ilé iṣẹ́ bàálù, ká má tíì wá sọ ti ẹ́jẹ́ǹtì. Láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n ní kí owó náà padà. Fáọ́ṣà ńkọ́? Àfi tí èrò bá fọwọ́ ara ẹ̀ sí i pé òun gbà á, èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan, ọkọ mi náà ò fọwọ́ sí i.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, pọ́n-ùn 1,484 yẹn, ẹ dá a padà sórí káàdì dẹ́bíìtì tí mo fi sanwó, ó pẹ́ jù ọjọ́ 26 oṣù Jánúárì 2026. Tí mi ò bá rí i, báǹkì mi ni màá fi tó létí kí wọ́n bá mi gbà á padà látorí káàdì, gbogbo ìwé ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó débẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa nígbà tá a lọ sin bàbá ọkọ mi, kò sì sí wàhálà kankan nígbà yẹn.

Íméèlì yìí ni kẹ́ ẹ fèsì sí, ẹ má pè mí lórí fóònù, mo fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti san án, ẹ fi risíìtì rífọ́ǹdì náà ránṣẹ́ kí n lè mọ ọjọ́ tí màá máa wojú akáǹtì mi.

Ẹ ṣé gan-an.

Fúnmi (Ìyá Ìbejì), Pẹ́kàmù